Kí Ló Wà Lọ́kàn Apànìyàn? Ẹ̀sùn Ìpẹ̀yàrun àti Ẹjọ́ Srebrenica

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1995, ọmọ ogun àwọn Sẹ́ẹ̀bù gba Srebrenica, ìlú àwọn Mùsùlùmí ní ìlà-oòrùn Bọ́sníà. Wọ́n kó àwọn obìnrin, ọmọdé àti arúgbó, nǹkan bí 25,000, sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n lé wọn kúrò nílùú. Wọ́n ya àwọn ọkùnrin sọ́tọ̀, títí kan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì gbó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ti pa èyí tó lé ní 7,000 nínú wọn. Nígbà tí ẹjọ́ dé ìlú Hague, kì í ṣe bóyá wọ́n pa wọ́n ni ìjà wà lórí rẹ̀ jù, bí kò ṣe ohun tí wọ́n ní lọ́kàn tí wọ́n fi pa wọ́n.

Ohun tó mú kí èrò ọkàn wúwo tó bẹ́ẹ̀ ti pẹ́. Amòfin méjì kan wà, Hersch Lauterpacht àti Raphael Lemkin, Júù ni àwọn méjèèjì, yunifásítì kan náà ní Lwów ni wọ́n sì ti kọ́ òfin. Lauterpacht gbà pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí òfin dáàbò bò. Ó wà lára àwọn tó jẹ́ kí ìwà ọ̀daràn sí ọmọnìyàn wọ inú òfin ilé ẹjọ́ Nuremberg lọ́dún 1945. Lemkin ní tirẹ̀ sọ pé bí wọ́n bá ń pa èèyàn nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀yà náà gan-an ni wọ́n ń pa. Òun ló sọ ìpẹ̀yàrun lórúkọ nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 1944. Àwọn adájọ́ Nuremberg kò lo orúkọ náà nínú ìdájọ́ wọn, ọ̀rọ̀ náà sì dun Lemkin púpọ̀. Kò sinmi títí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi buwọ́ lu àdéhùn lórí rẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1948.

Fún ìwà ọ̀daràn sí ọmọnìyàn, ohun tí olùpẹ̀jọ́ máa fi hàn ni pé ìkọlù tó gbilẹ̀ tàbí tó ní ètò bá àwọn ará ìlú, àti pé olùjẹ́jọ́ mọ̀ pé ìwà òun wà lára ìkọlù náà. Kò pọn dandan kí àwọn tí wọ́n pa jẹ́ ẹ̀yà kan. Àdéhùn ọdún 1948 béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ: olùjẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ ti pinnu láti pa orílẹ̀-èdè, ẹ̀yà, ìran tàbí ẹlẹ́sìn kan run, lódindi tàbí lápá kan, nítorí pé wọ́n jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àdéhùn náà kò dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Kíkórìíra àwọn èèyàn kan tàbí lílé wọn kúrò lórí ilẹ̀ kò tó.

Ta ló wá máa wọ inú ẹlòmíràn lọ wò? Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀gá ológun kọ irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ sórí ìwé. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ṣe ni adájọ́ fi ń mọ èrò wọn, ṣùgbọ́n bí nǹkan mìíràn tó bọ́gbọ́n mu bá lè ṣàlàyé ìwà náà, ẹ̀sùn ìpẹ̀yàrun ti ṣubú nìyẹn.

Ẹjọ́ Ọ̀gágun Radislav Krstić, ọ̀gá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Drina, ni wọ́n ti kọ́kọ́ yẹ ẹ̀sùn ìpẹ̀yàrun ní Srebrenica wò. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ní ẹni tó fẹ́ pa àwọn èèyàn kan run kò ní fi bọ́ọ̀sì gbé obìnrin wọn lọ. Ó ní torí pé jagunjagun ni àwọn ọkùnrin náà ni wọ́n ṣe pa wọ́n. Mo gbà pé ìbéèrè tó lágbára ni. Ìdáhùn ilé ẹjọ́ ni pé wọ́n pa àwọn ọmọdékùnrin àti arúgbó ọkùnrin kan mọ́ wọn, àwọn tí kò lè jagun. Bákan náà, àwùjọ tí bàbá ti jẹ́ olórí ilé kò lè tún ara rẹ̀ tò bí wọ́n bá pa gbogbo ọkùnrin rẹ̀: ọ̀pọ̀ opó ni kò tilẹ̀ lè fẹ́ ẹlòmíràn, nítorí orúkọ ọkọ wọn wà lára àwọn tó sọnù, kì í ṣe àwọn tó kú. Lílé àwọn yòókù lọ wá di ara ọ̀nà tí wọ́n fi fẹ́ kí àwùjọ náà má ṣeé gbé dìde mọ́. Àwọn Mùsùlùmí Srebrenica tó nǹkan bí 40,000, wọn ò pọ̀ lára Mùsùlùmí Bọ́sníà, ṣùgbọ́n ibi tí ìlú wọn wà àti bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n sí ibi ààbò mú kí ilé ẹjọ́ kà wọ́n sí apá tó ṣe pàtàkì tó lára àwọn Mùsùlùmí Bọ́sníà.

Ibi tí ẹjọ́ náà ti yí padà nìyí. Lọ́dún 2001, wọ́n dá Krstić lẹ́bi ìpẹ̀yàrun, wọ́n sì fún un lẹ́wọ̀n ọdún 46. Lọ́dún 2004, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbà pé ìpẹ̀yàrun wáyé, ṣùgbọ́n ó ní kò sí ẹ̀rí pé Krstić fúnra rẹ̀ ní èrò náà. Ó mọ ohun tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ ṣe, ó sì jẹ́ kí wọ́n lo àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹ̀sùn rẹ̀ di ti olùrànlọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì di ọdún 35.

Ìyàtọ̀ náà tún hàn nínú ẹjọ́ ọ̀gá rẹ̀, Ratko Mladić, tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n títí ayé fún lọ́dún 2017. Ó jẹ̀bi ìpẹ̀yàrun ní Srebrenica. Ní ti ìpànìyàn ọdún 1992 ní Prijedor, Foča àti àwọn àgbègbè mìíràn, ìwà ọ̀daràn sí ọmọnìyàn ni wọ́n dá a lẹ́bi sí. Àwọn adájọ́ gbà pé àwọn kan lára àwọn tó pànìyàn níbẹ̀ fẹ́ pa àwọn Mùsùlùmí àgbègbè wọn run, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìpín tí wọ́n dójú sọ ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan kéré jù fún ohun tí àdéhùn ọdún 1948 ń béèrè. Lọ́dún 2021, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò yí i padà.