Ọ̀nà àìgbọdọ̀falẹ̀
Èyí ni ọ̀wọ́ iṣẹ́ tó gùn jù lọ nínú àtẹ Gántì: bí ọjọ́ kan bá ṣòfò nínú rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ á fi ọjọ́ kan pẹ́. Ká ní àwòrán àtẹ kànga-ẹ̀rọ kan ní Táńkè, Ìlọrin, ló wà lójú fóònù wa. Gígùn ọ̀pá ń sọ iye ọjọ́. Ọfà ń sọ iṣẹ́ tó ń dúró de òmíràn. Wíwá ojú omi gba ọjọ́ 2, gbígbẹ́ kànga gba 4, ó di 6. Lápá kejì, dída kọnkéré ìpìlẹ̀ gba 2, ìdúró kí ó le gba 7, gbígbé irin táǹkì nàró gba 2, ó di 11. Apá méjèèjì pàdé níbi fífi táǹkì àti pọ́ǹpù sí, ọjọ́ 2. Ọjọ́ 13 ni gbogbo rẹ̀, apá kọnkéré ló sì ń darí i. Agbẹ́kànga lè fi ọjọ́ 5 falẹ̀ láìdá ẹnikẹ́ni dúró.

Òpin ọ̀sẹ̀ ló ń ṣi ni lọ́nà jù. Ọ̀pá tó bẹ̀rẹ̀ ní Jímọ̀ tó parí ní Mọ́ńdè lè jẹ́ ọjọ́ 4 tàbí 2: òṣìṣẹ́ ń sinmi lọ́jọ́ Sátidé àti Àìkú, kọnkéré kì í sinmi. Bí àwòrán kò bá sì ní ọfà, pé ọ̀pá kan bẹ̀rẹ̀ níbi tí èkejì parí sí kò ní kó máa dúró dè é. Kọ́ńtírátọ̀ ni ká bi.