Bí Gíríńlándì Ṣe Tóbi Tó Áfíríkà Lórí Máàpù

Lórí ọ̀pọ̀ máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, Gíríńlándì àti Áfíríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ga jọ fẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Gíríńlándì mẹ́rìnlá ló máa wọ inú Áfíríkà.

Ọdún 1569 ni Gerardus Mercator ya máàpù tó bí ìṣòro yìí. Àwọn atukọ̀ ló ń rò. Wọ́n fẹ́ fa ìlà tààrà kan láti èbúté dé èbúté, kí wọ́n sì máa tẹ̀ lé ibì kan náà tí kọ́ńpáàsì ń tọ́ka sí títí wọ́n á fi gúnlẹ̀. Àmọ́ ayé rí roboto, gbogbo ìlà tó lọ láti gúúsù sí àríwá ló ń súnra bọ̀ títí wọ́n fi pàdé ní ṣóńṣó ayé. Mercator na gbogbo wọn ró ṣánṣán, kò jẹ́ kí wọ́n pàdé. Ní dígírí 60, àlàfo àárín ìlà méjì jẹ́ ìdajì ohun tó jẹ́ ní agbedeméjì ayé, nítorí náà nína tó nà án ró sọ ìbú ilẹ̀ ibẹ̀ di ìlọ́po méjì. Bó bá dá a dúró síbẹ̀, igun á wọ́, kọ́ńpáàsì á sì ṣini lọ́nà. Ló bá na òró náà ní ìlọ́po méjì. Ìlọ́po méjì lọ́nà méjì, ilẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ní ṣóńṣó ayé gan-an, nína náà kò lópin, ìdí nìyẹn tí máàpù yìí kò fi lè débẹ̀ láé. (Mercator kò ṣàlàyé ìṣirò rẹ̀, ọdún 1599 ni Edward Wright, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìṣirò náà jáde.)

Nígbà tí Google Maps dé ní 2005, ó gba ọgbọ́n yìí nítorí pé oríta tó ṣe igun dígírí 90 kò ní wọ́, ibi yòówù kí ó wà. Wọ́n gé máàpù náà ní nǹkan bíi dígírí 85 kí ayé lè di onígun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba, tó rọrùn láti pín sí wẹ́wẹ́. Orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ni `EPSG:3857`.

Níbi wíwọ̀n ni wàhálà wà. Pápá bọ́ọ̀lù tó gùn ní mítà 105, tó sì fẹ̀ ní 68, jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 7,140. Bí ẹnì kan bá wọ̀n ọ́n tààrà lórí `EPSG:3857` ní Èkó, iye náà á kàn fi díẹ̀ lé, nǹkan bíi 7,300, ojú lè má rí i. Ní Ọ́sílò, lórílẹ̀-èdè Nọ́wè, pápá kan náà á jẹ́ 28,000 ó lé. Mítà ni kọ̀ǹpútà pe méjèèjì, kò sì ní sọ pé àṣìṣe wà. Ẹni tó ń lo PostGIS gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá ilẹ̀ náà padà sórí ayé roboto:

```
SELECT ST_Area(ST_Transform(geom, 4326)::geography) FROM papa;
```

Bí ẹnì kan bá fẹ́ fojú rí i, kí ó wo ọ̀pá ìwọ̀n ní ìsàlẹ̀ máàpù náà, kí ó máa fa máàpù lọ sí àríwá láìfà á súnmọ́. Máàpù kò yí bó ṣe ń fi nǹkan hàn padà, síbẹ̀ ọ̀pá tàbí nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa yí.