Kánbà, kásítà àti tóò

Kánbà, kásítà àti tóò ni igun mẹ́ta tí a ń tún ṣe nínú aláínmẹ́ǹtì ọkọ̀. Àwọn ló ń pinnu bí taya ṣe ń tẹ ilẹ̀.

Kánbà ni bí taya ṣe fì sínú tàbí síta bí a bá wò ó láti iwájú. Bí orí rẹ̀ bá fì sínú, etí inú ni ẹrù yóò wọ̀ jù, ibẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ. Síbẹ̀, fífì díẹ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò: bí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, ara rẹ̀ a fì síta, taya ìhà òde a sì wá tẹ́ sílẹ̀ dáadáa.

Láti ẹ̀gbẹ́ ni a ti ń rí kásítà. Òun ni bí òpó tí ẹsẹ̀ iwájú fi ń yí ṣe fì sẹ́yìn tàbí síwájú. Fífì sẹ́yìn ló ń mú kí sítíárìn dá padà sí àárín fúnra rẹ̀. Kì í sábà jẹ taya, ṣùgbọ́n bí ti ọ̀tún àti ti òsì kò bá dọ́gba, ọkọ̀ yóò máa fà sí ìhà tí ó kéré.

Tóò ló ń ba taya jẹ́ jù. Òun ni bí iwájú taya ṣe kọjú sínú tàbí síta bí a bá wò ó láti òkè. Ká ní taya kan ga ní mìlímítà 600, tí etí iwájú rẹ̀ sì fi mìlímítà 3 yà sínú ju etí ẹ̀yìn lọ. Nínú kìlómítà 1 tí ọkọ̀ bá rìn tààrà, a ti wọ́ taya náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi mítà 5. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ra ojú rẹ̀ ní ìbú yóò mọ̀ ọ́n: yóò dán bí ọwọ́ ṣe ń lọ, yóò sì mú bí eyín ayùn bí ó ṣe ń bọ̀.

Tóò ni a ń tún ṣe kẹ́yìn, nítorí pé bí a bá fọwọ́ kan kásítà tàbí kánbà, òun náà a yí padà.