Owó ti dé ni àbí ilé ti jó? Bí ìlù dùndún ṣe ń sọ èdè Yorùbá

Bí onílù kan bá fi ìlù dùndún sọ pé "Owó ti dé", ẹni tó wà lókèèrè lè gbọ́ ọ bí "Ilé ti jó". Onílù náà kò ṣi ìlù lù, etí ẹni tó gbọ́ ọ kò sì di. Gbólóhùn méjèèjì ní sílébù mẹ́rin, ohùn wọn sì bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: re, mí, re, mí.

Àpẹẹrẹ kékeré yìí fi ohun tí ìlù lè gbé nínú ọ̀rọ̀ ènìyàn hàn, ó sì fi ohun tí kò lè gbé hàn pẹ̀lú. Ẹni tó bá lóye rẹ̀ yóò mọ ìdí tí ìlù fi lè sọ Yorùbá, yóò sì mọ ìdí tí àwọn àyàn kì í fi í sọ̀rọ̀ ní ṣókí.

Ohùn ni ìlù ń gbé, kì í ṣe lẹ́tà

Nínú èdè Yorùbá, sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀. Ohùn náà lè jẹ́ ti òkè, ti àárín tàbí ti ìsàlẹ̀, èyí tí àwọn olùkọ́ máa ń pè ní mí, re àti dò. Ohùn yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lára ọ̀rọ̀, òun gan-an ló ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Ọkọ ìyàwó jẹ́ re re. Ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko jẹ́ re mí. Ọkọ̀ tí èrò ń wọ̀ jẹ́ re dò. Ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù sì jẹ́ dò dò. Lẹ́tà kan náà ni a fi kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohùn nìkan ló yàtọ̀.

Ìlù kò ní ètè, kò ní ahọ́n, kò sì ní eyín. Nítorí náà, kò lè pe kọ́ńsónáǹtì bíi k, kò sì lè fi fáwẹ̀lì bíi ọ hàn yàtọ̀ sí e. Ohun tó lè ṣe ni pé kí ohùn rẹ̀ ga tàbí kí ó rẹlẹ̀, kí ó yá tàbí kí ó falẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́tà nìkan ló ń gbé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá, ìlù kì bá tí rí ohunkóhun sọ. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí apá ńlá nínú ìtumọ̀ wà nínú ohùn, ìlù tó bá lè gbé ohùn mẹ́ta jáde lè tẹ̀ lé ẹnu ènìyàn ní sílébù kọ̀ọ̀kan.

Ìdí tí ìbàdí ìlù fi tẹ́ẹ́rẹ́

Igi tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ jáde ni ara dùndún. Ẹnu rẹ̀ méjèèjì fẹ̀, àárín rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìbàdí. Awọ ewúrẹ́ tó fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo ẹnu méjèèjì. Okùn awọ tí à ń pè ní ọṣán ló so awọ ẹnu kan mọ́ ti èkejì, ó sì yí ìlù náà po láti ẹnu dé ẹnu.

Nítorí pé ìbàdí ìlù tẹ́ẹ́rẹ́, ọṣán kò fara kan igi ní àárín, àlàfo wà láàárín wọn. Àlàfo yìí ni iṣẹ́ wà. Bí onílù bá fún ọṣán wọlé sínú àlàfo náà, ọṣán kò lè gùn sí i, nítorí náà yóò fa awọ méjèèjì sún mọ́ ara wọn. Awọ yóò le sí i lójú igi, yóò máa gbọ̀n ní kíákíá nígbà tí wọ́n bá lù ú, ohùn rẹ̀ yóò sì ga. Bí ó bá dẹ ọwọ́, ọṣán yóò padà sí àyè rẹ̀, awọ yóò dẹ̀, ohùn yóò sì wálẹ̀. Ìlù tí àárín rẹ̀ kò tẹ́ẹ́rẹ́ kò ní àlàfo bẹ́ẹ̀, kò sì sí bí ọwọ́ ṣe lè yí ohùn rẹ̀ padà báyìí láàárín ọ̀rọ̀.

Agbára tí iṣẹ́ yìí ń gbà kò kéré. Bí a bá fẹ́ kí awọ máa gbọ̀n ní ìlọ́po méjì, a ní láti fà á le ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ohùn òkè fi ń rẹ ọwọ́ ju ohùn àárín lọ, pàápàá lórí ìyáàlù, tó tóbi jù nínú ọ̀wọ́ ìlù dùndún, tó sì jẹ́ òun ni olórí ọ̀rọ̀ sísọ láàárín wọn.

Iṣẹ́ ọwọ́ òsì àti ti ọwọ́ ọ̀tún

Ẹni tó ń lu ìyáàlù máa ń gbé e kọ́ èjìká, ìlù náà á sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló mú kọ̀ǹgọ́, igi tó tẹ̀ kọrọdọ tí wọ́n fi ń lu awọ. Ọwọ́ òsì ló di ọṣán mú. Gángan kéré sí i, abẹ́ apá ni wọ́n sábà máa ń há a sí, apá ni wọ́n sì fi ń fún ọṣán rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń sọ ìgbà tí sílébù bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ òsì ló ń sọ irú ohùn tí sílébù náà ní.

Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ dò, ọwọ́ òsì dẹ̀. Bí ó bá jẹ́ re, ó fún ọṣán díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mí, ó fún un gírígírí. Kò sí gíga pàtó kan tí à ń pè ní mí lórí ìlù. Bí ohùn ọmọdé ṣe ga ju ti àgbàlagbà lọ, síbẹ̀ tí "ọkọ̀" ẹnu àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni mí orí ìyáàlù lè rẹlẹ̀ ju dò orí ìlù kékeré lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohùn kan àti èyí tó tẹ̀ lé e ni etí ń gbọ́.

Àkókò ni ó ṣòro jù fún ẹni tó ń kọ́ ìlù. Fún ohùn tó dúró lójú kan, ọwọ́ òsì ní láti ti fún ọṣán tó ìwọ̀n tó yẹ kí kọ̀ǹgọ́ tó kan awọ. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí kọ̀ǹgọ́ ti dún ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fún un, ohùn yóò yọ́ gòkè lẹ́yìn tí ó ti dún. Ẹni tó ń gbọ́ yóò rò pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ àṣìṣe níhìn-ín ni ìlù nílò ní ibòmíràn. Nígbà tí ènìyàn bá pe "yìí", ohùn á bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, á sì gun òkè láìjá. Bí ó bá pe "náà", ohùn á bọ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Onílù lè lu awọ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì fún ọṣán tàbí kí ó dẹ̀ ẹ́ nígbà tí awọ ṣì ń dún. Yíyọ́ yìí ló ń mú kí dùndún jọ ẹnu ènìyàn. Bàtá kò ní ọṣán tí wọ́n lè fún bí wọ́n ti ń lù ú. Ojú ńlá àti ojú kékeré rẹ̀ ni ó fi ń ya ohùn sọ́tọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi máa ń sọ pé ńṣe ni bàtá ń kólòlò.

Bí onílù ṣe ń ya owó kúrò lára iná

Ní ti gbólóhùn méjì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, onílù tó mọṣẹ́ kò ní dúró lórí sílébù mẹ́rin. Yóò fi ọ̀rọ̀ kún un. Bí ó bá sọ pé "Owó ti dé, a ó ná an lọ́jà", apá kejì jẹ́ re, mí, mí, re, mí, dò. Bí ó bá sọ pé "Ilé ti jó, ẹ gbómi wá", apá kejì jẹ́ re, mí, re, mí. Sílébù mẹ́fà àkọ́kọ́ bára mu nínú méjèèjì. Ní ìkeje ni ọ̀nà pín: ti owó jẹ́ mí, ti iná jẹ́ re. Láti ibẹ̀ lọ, etí lè mọ èyí tí ó ń gbọ́.

Bí gbólóhùn bá ṣe gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ tó lè bá ohùn rẹ̀ mu ń dín kù. Ìdí nìyí tí oríkì àti òwe fi pọ̀ lẹ́nu ìlù. Wọ́n gùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òwe yóò fi ọkàn parí rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń lu ìlù náà tún ń ran etí lọ́wọ́, nítorí ohun tí ènìyàn ń retí níbi ìkómọ yàtọ̀ sí ohun tó ń retí níwájú ààfin. Bí onílù bá gbé ọ̀rọ̀ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí jáde, tí kò sì sí ohun tó tọ́ka sí i, àyàn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá lè má mọ ohun tó sọ.

Nígbà tí ojú ọjọ́ bá ba ọ̀rọ̀ jẹ́

Awọ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Ní ìgbà òjò, ó máa ń rọ̀, ohùn rẹ̀ á sì kú. Ọwọ́ òsì lè fún ọṣán títí, mí kò ní ga tó bó ti yẹ. Ní ìgbà ọyẹ́, awọ máa ń gbẹ, ó sì máa ń le ju bó ti yẹ lọ. Nígbà náà, dò kì í wálẹ̀ tó mọ́, awọ sì lè fàya bí wọ́n bá fún un jù.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ rọrùn: kí wọ́n fi ìlù pe "ọkọ", lẹ́yìn náà kí wọ́n pe "ọ̀kọ̀" àti "ọkọ́". Bí méjì nínú wọn bá jọra létí, ìlù náà kò tíì ṣetán láti sọ̀rọ̀. Onílù yóò fi awọ tó rọ̀ yá oòrùn tàbí iná díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọṣán ló dẹ̀, yóò tún un fà.

Ìlù kan náà, èdè mìíràn

Ìlù tó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín báyìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Àwọn Haúsá ní kàlàǹgú, àwọn Dàgbáńbà ti àríwá Gánà ní lúńnà, àwọn Wólọ́ọ̀fù ti Sẹ̀nẹ̀gà sì ní tama. Ní ti àwọn Akan ti Gánà, ìlù méjì tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí à ń pè ní atumpan, ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ń dún lókè, èkejì ń dún nísàlẹ̀. Èyí tó fún wọn, nítorí ohùn méjì ni èdè Twi ní.

Tama ló fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere jù. A lè fún ọṣán rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ gòkè, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ bíi ti gángan. Ṣùgbọ́n èdè Wólọ́ọ̀fù kì í fi ohùn ya ọ̀rọ̀ kan kúrò lára òmíràn. Bí wọ́n bá gbé gángan fún ẹni tó ń lu tama, yóò lù ú dáadáa. Ohun tí kò ní ní lọ́wọ́ ni re dò tó túmọ̀ sí ọkọ̀ àti re mí tó túmọ̀ sí ọkọ́. Inú èdè ni ìyẹn wà, kò sí nínú igi àti awọ.