Abẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni adùn kòkó ti ń wá

Tí ẹ bá jẹ ṣokoléètì tó kan díẹ̀, tàbí tó ń rùn bí ẹran tí wọ́n fi èéfín yan, ẹ má tíì bú ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ó lè jẹ́ pé láti oko ló ti bàjẹ́. Oko ilẹ̀ Ẹ̀gbá wa níbí náà, lápá Ọ̀dẹ̀dá àti Ìmálà, ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀.

Kóró kòkó tútù ò rùn bíi ṣokoléètì rárá. Tí wọ́n bá fọ́ èso rẹ̀, ohun funfun tó ń yọ̀ ló bo kóró náà, ó dùn bíi ṣúgà, àwọn ọmọdé a sì máa lá a. Ṣùgbọ́n ẹ gé kóró yẹn fúnra rẹ̀ sí méjì: inú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò, ó korò, ó sì ń fa ahọ́n. Ohun dídùn tó wà níta yẹn gan-an ni wọ́n máa lò láti fi tún inú rẹ̀ ṣe.

Wọ́n á tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á lu ú níhò kí omi lè máa ṣàn jáde, wọ́n á kó kòkó lé e ní òkìtì, wọ́n á sì tún fi ewé bò ó. Ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì, ìwúkàrà, irú èyí tó ń sọ ẹmu di kíkan, á máa jẹ ṣúgà ara kóró, á sì máa sọ ọ́ di ọtí. Ẹ ṣí ewé wò nígbà yẹn, òórùn ẹmu lẹ máa gbọ́. Nígbà tí omi funfun bá ti ṣàn lọ tí atẹ́gùn ń wọlé, àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn á wá sọ ọtí náà di ọtí kíkan. Ibí yìí ni ooru ti ń wá. Inú òkìtì lè gbóná dé dígírì 45 sí 50. Ooru àti ìkan yẹn máa pa kóró, kò sì ní lè hù mọ́. Tó bá ti kú, ohun tó wà nínú rẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ra: ìkorò á dín kù, àwọ̀ àlùkò á máa di àwọ̀ ilẹ̀, purotéènì inú rẹ̀ á sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn wẹ́wẹ́ yìí ni iná ilé iṣẹ́ máa sọ di òórùn ṣokoléètì. Tí wọn ò bá sí níbẹ̀, kò sí bí èèyàn ṣe lè yan án tí á dùn.

Ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà ni èyí ń gbà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yí i ní ọjọ́ méjì-méjì, torí ẹ̀gbẹ́ òkìtì máa ń tutù ju àárín lọ. Tó bá pẹ́ jù, á dúdú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ohun tó ń jẹrà.

Bàbá kan lápá Ọ̀dẹ̀dá sọ fún mi pé ọjọ́ mẹ́ta péré lòun fi ń bo tòun. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé?" Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó ń ra kòkó kì í béèrè ọjọ́. Ọwọ́ ló ń kì bọ àpò láti mọ̀ bóyá ó gbẹ."

Gbígbẹ náà wá lọ́nà tirẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni wọ́n ń sá a sóòrùn. Ó dáa kó má tètè gbẹ jù níbẹ̀rẹ̀, torí ìgbà yẹn ni ọtí kíkan tó kù nínú kóró ń fẹ́ lọ. Tí wọ́n bá fi iná líle gbẹ ẹ́, èèpo á gan, ìkan á sì há sínú. Èéfín igi tún ń wọ inú kòkó ṣinṣin, òun ló fa òórùn ẹran yíyan yẹn. Láti 2013 ni òfin Yúróòpù ti fi òté lé ìwọ̀n èròjà olóró inú èéfín tó lè wà nínú kòkó. Sísá a sórí ọ̀dà títì náà ò dáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó yá. Pèpéle sìmẹ́ńtì tàbí ẹní tí wọ́n gbé sókè ló sàn jù, kí wọ́n sì máa rò ó. Òjò oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ló máa ń dá àwọn àgbẹ̀ wa láàmú jù, torí kòkó ti ń pọ̀ lórí igi nígbà yẹn, oòrùn ò sì tíì tó.

Omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá sí nǹkan bí ìdá 7 nínú 100. Tó bá ju 8 lọ, á bu nínú àpò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ó wò: kòkó tó jẹ́ 100 kílò nígbà tó gbẹ dé 7, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 106 kílò nígbà tí omi inú rẹ̀ wà ní 12. Ẹni tó bá dúró kó gbẹ dáadáa ti pàdánù kílò mẹ́fà nìyẹn, tí wọn ò bá fowó kún un fún un.

Nígbà tí wọ́n bá wá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kó tó kọjá sókè òkun, kóró 300 ni wọ́n ń gé sí méjì. Àwọ̀ eérú inú kóró túmọ̀ sí pé kò kan rárá. Àwọ̀ àlùkò, pé kò kan tó. Kí kòkó tó lè jẹ́ ti ipò kìíní, èyí tó bu ò gbọ́dọ̀ ju 9 lọ nínú 300, àwọ̀ eérú náà bẹ́ẹ̀. Tí àwọ̀ eérú bá dé 24, ipò kejì ló kàn. Kí wọ́n tó gé e, wọ́n ti da kòkó Bàbá ọlọ́jọ́ mẹ́ta yẹn pọ̀ mọ́ ti aládùúgbò rẹ̀ tó ṣe ọjọ́ mẹ́fà, nínú àpò kan náà, iye kan náà ni wọ́n sì san fún àwọn méjèèjì.