Ṣé Lóòótọ́ Ni Wọ́n Bí Níútọ̀nù Lọ́dún Tí Gálílíò Kú?

Ọ̀pọ̀ wa ló ti gbọ́ ọ pé ọdún tí Gálílíò kú gan-an ni wọ́n bí Áísáàkì Níútọ̀nù. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. Kàlẹ́ńdà méjì ni wọ́n pò mọ́ra wọn.

Ítálì ni Gálílíò kú sí, ní ọjọ́ 8, oṣù Kìíní, 1642. Láti 1582 ni wọ́n ti ń lo kàlẹ́ńdà Póòpù Gírígórì Kẹtàlá níbẹ̀, èyí tí àwa náà ń lò lónìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á títí di 1752. Kàlẹ́ńdà Róòmù àtijọ́, ti Júlíọ́sì Késárì, ni wọ́n fi kọ ọ́ pé ọjọ́ 25, oṣù Kejìlá, 1642 ni wọ́n bí Níútọ̀nù.

Ibi méjì ni kàlẹ́ńdà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yàtọ̀ sí tiwa. Àkọ́kọ́, ó ti fi ọjọ́ 10 rẹ̀yìn nígbà náà. Ìkejì, ọjọ́ 25, oṣù Kẹta ni ọdún tuntun wọn ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, oṣù Kìíní, oṣù Kejì àti ọjọ́ 24 àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹta ṣì ń jẹ́ orúkọ ọdún tó ń parí lọ.

Ẹ wo ìrìbọmi Níútọ̀nù. Ọjọ́ 1, oṣù Kìíní ni wọ́n ṣe é, ọdún 1642 náà sì ni ní ìṣirò ìgbà yẹn. Ẹni tó bá kà á bí a ṣe ń ka ọdún lónìí yóò rò pé wọ́n ti ri ọmọ náà bọmi kí wọ́n tó bí i! Ọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe: oṣù Kìíní ni, nítorí náà 1642 di 1643. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọjọ́ 10 kún un: ọjọ́ 11, oṣù Kìíní, 1643. Ní ti ọjọ́ ìbí, oṣù Kejìlá kò sí lára àwọn oṣù tí a ń tún ọdún wọn ṣe, ẹ má fọwọ́ kan ọdún rẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ 10 kún 25, ó di ọjọ́ 4, oṣù Kìíní, 1643. Ọjọ́ méje péré ló wà láàárín ìbí àti ìrìbọmi.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé a ò ṣì í? Àyípadà kàlẹ́ńdà kì í yí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ padà. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ 25 náà nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́. Ọjọ́ Àìkú náà ni ọjọ́ 4 nínú ti tuntun. Ká ní ọjọ́ 11 la fi kún un, ọjọ́ Ajé la ò bá bá.

Láti oṣù Kẹta 1700 ni ọjọ́ 11 tó wúlò, nítorí kàlẹ́ńdà àtijọ́ ní ọjọ́ 29 nínú oṣù Kejì ọdún náà, tuntun kò ní in. Bí ẹ bá sì rí 1642/43, òǹkọ̀wé ti fi ọdún méjèèjì hàn yín. 1643 ni kí ẹ mú, ẹ má tún fi ọdún kan kún un. Ní Skọ́tíláǹdì, láti 1600 ni ọdún ti ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, nítorí náà ọjọ́ nìkan ni ẹ óò tún ṣe níbẹ̀.

Pẹ̀lú kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo, Gálílíò kú ní 1642, wọ́n sì bí Níútọ̀nù ní 1643. Ó ku ọjọ́ mélòó kan kó pé ọdún kan láàárín wọn.