Èrè Yàtọ̀ sí Owó Ọwọ́

Bí ilé-iṣẹ́ kékeré bá fẹ́ yáwó ní báńkì, wọn yóò béèrè ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀, ìwé owó orí àti ìwé ohun ìdúró. Àwọn wọ̀nyí kò ṣòroó wá. Ìwé méjì mìíràn tí wọ́n tún ń béèrè ló gba àlàyé, orúkọ tí a bá sì fún wọn ní Yorùbá lè tọ́ oníṣòwò sọ́nà tàbí kó ṣì í lọ́nà.

Ẹni tó bá pe ti àkọ́kọ́ ní “àsọtẹ́lẹ̀ èrè” ti ṣìnà. Ìṣirò ni báńkì ń fẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aríran. Èrè pàápàá ń ka ọjà àwìn mọ́ ọjà tí a ti tà, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ kò tíì dé ọwọ́ wa. “Ìṣirò-ṣáájú ìwọlé-jáde owó” ni mo fara mọ́, torí ó ń béèrè oṣù tí owó yóò wọlé àti oṣù tí yóò jáde.

Ẹ jẹ́ ká wo aránṣọ kan tó ń rán aṣọ iléèwé. Ní oṣù kẹjọ, ó ní ₦200,000 lọ́wọ́, ó sì fẹ́ yá ₦600,000. Aṣọ àti owó òṣìṣẹ́ yóò gba ₦650,000, yóò ku ₦150,000. Ní oṣù kẹsàn-án, ₦100,000 péré ni yóò wọlé. Owó òṣìṣẹ́ jẹ́ ₦120,000, owó báńkì pẹ̀lú èlé jẹ́ ₦110,000. Ohun tó kù kò ju ₦20,000 lọ. Bí oṣù kẹwàá bá tún rí bẹ́ẹ̀, yóò fi ₦110,000 dín. Oṣù kọkànlá ni àwọn iléèwé yóò tó san ₦1,200,000. Èrè wà, ṣùgbọ́n owó ti tán lọ́wọ́ kó tó dé. Ìṣirò yìí ló jẹ́ kó mọ̀ pé oṣù kọkànlá ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í san gbèsè. Bí báńkì bá gbà, ₦110,000 ni yóò ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ ní ìparí oṣù kẹwàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èlé ṣì ń pọ̀ sí i.

Ìwé kejì, “sítétímẹ́ǹtì” ni gbogbo ọjà ń pè é, kò sì sídìí láti yí i padà. Àlàyé rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ gbogbo owó tó gba inú àkáǹtì kọjá. Òun ni òṣìṣẹ́ báńkì fi ń dán ìṣirò-ṣáájú wò. Bí aránṣọ bá kọ ₦1,200,000 sí oṣù kọkànlá, wọn yóò wò ó bóyá irú owó bẹ́ẹ̀ wọlé ní oṣù kọkànlá èṣí. Owó ọjà tó wà nínú àpótí kò ní hàn níbẹ̀. Owó tó bá sì ti àkáǹtì rẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, wọn kò ní kà á sí ọjà títà. Nítorí náà, kí ó tó di pé ó yáwó, kí ó ya àkáǹtì òwò sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé, kí gbogbo owó oníbàárà sì máa gba ibẹ̀.